Ẹni Tó Di Etí Aṣọ Kejì Mú

Aṣọ ibùsùn tó fẹ̀ kò ṣeé ká fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní ó ṣeé ká, kò ká a rí. Ẹni méjì ló ń ká a: ẹ ó di igun méjì-méjì mú, ẹ ó fà á kó le, ẹ ó rìn pàdé ara yín bí ẹni tó fẹ́ kíra, ọ̀kan á gba tọwọ́ èkejì, ó parí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ká a ní yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan, nísàlẹ̀ ilé, níbi tí ooru ẹ̀rọ ti ń mú kí gbogbo wọn làágùn láti àárọ̀.

Aṣọ kíká yìí gan-an ni Ọ̀gá Fèrè fi mú Ọmọ Tuntun.

Ọ̀gá Fèrè ni obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àárọ̀. Ó so fèrè kékeré kan mọ́ ọrùn, ó ní ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Ọmọ Tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Wọ́n ṣì ń dán an wò. Tí oṣù bá parí, wọ́n á gbà á pátápátá, tàbí kí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó sì fẹ́ iṣẹ́ náà gan-an, torí ó wá iṣẹ́ títí bàtà rẹ̀ fi lu.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ kò ju pé, lọ́jọ́ kejì tó débẹ̀, ó béèrè ìbọ̀wọ́ tí yóò fi fọwọ́ kan bílíìṣì.

"Ẹ wá wo ìyàwó ọba!" ni Ọ̀gá Fèrè ké. "Ó fẹ́ ìbọ̀wọ́! Ṣé ká wá bá ọ gbé agboòrùn náà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Ìgbín ló ń pè é, ó ní kò yára. Á yọ́ rìn wá sẹ́yìn rẹ̀, á fọn fèrè sí i létí. Nígbà tó yá, ó kéde pé: "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá Ìgbín di etí aṣọ mọ́. Kí ògiri bá a dì í."

Ọmọ Tuntun wá fi ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù há igun aṣọ kan, ó ń fa igun kejì. Ilẹ̀kùn náà ṣí lójijì, ọmọ náà sì fìdí jókòó sílẹ̀, aṣọ bò ó lórí. Ọ̀gá Fèrè ya fọ́tò, ó fi í sórí wasáàpù ibi iṣẹ́, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ìgbín ti wọ karahun. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín."

Ìyá Ẹ̀rọ kò rẹ́rìn-ín. Òun ló ń ti aṣọ bọ ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá tó wà ní igun yàrá náà, ẹnu rẹ̀ sì gbóná ju ẹ̀rọ lọ. Lásìkò ìsinmi, ó bá ọmọ náà lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé.

"Tó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti já fèrè yẹn lọ́rùn rẹ̀, kí n sì gbé e mì!"

Ọmọ Tuntun wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin kọ́ ni, Mà."

"Ó dáa, jẹ́ kí n lọ bá a nísinsìnyí. Mà á sọ ọ́ sí i lójú!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má lọ. Tí ẹ bá bú u tán, ìdí ẹ̀rọ yín lẹ máa padà sí. Èmi ló máa wá jìyà rẹ̀." Ọmọ náà dìde, kò jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán.

Inú bí Ìyá Ẹ̀rọ. Nígbà tó délé, ó ro ẹjọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, wọ́n jọ ń gbélé.

"Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó ní òun ò fẹ́. Irú èèyàn wo nìyẹn?"

"Ṣé o bi í léèrè ohun tó fẹ́?"

"Kí ni mo tún fẹ́ bi í? Ohun tó fẹ́ ni kí wọ́n fi í lọ́rùn sílẹ̀."

"O bi í, àbí o ò bi í?"

Ìyá Ẹ̀rọ bu omi mu. "Mi ò bi í."

"Ó ti ní ọ̀gá kan tó ń pàṣẹ fún un, ìwọ náà tún fẹ́ di èkejì," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Má sọ ohun tí ìwọ ìbá ṣe fún un. Má ní kó gbójú fò ó, má sì bi í pé kí ló ṣe tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán ná. Lẹ́yìn náà kó o wá bi í."

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ẹ̀rọ padà sórí àtẹ̀gùn. Ọ̀rọ̀ dídùn kì í wá sí i lẹ́nu, nítorí náà ó sọ ọ́ bó ṣe wà.

"Mo rí ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹ. Kò dáa. Ẹ̀bi ẹ kọ́. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Ọmọ Tuntun gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀. Ó nu imú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ bá mi di etí aṣọ."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ẹ ò mọ bó ṣe tó, Mà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná lọ́wọ́, Ìyá Ẹ̀rọ rìn lọ sídìí tábìlì, ó di igun méjì mú. Ọ̀gá Fèrè fọn fèrè fíín.

"A ti gbọ́, Ọ̀gá," ni Ìyá Ẹ̀rọ wí, kò wẹ̀yìn.

"Ta ló ní kí ẹ fi ẹ̀rọ yín sílẹ̀?"

"Kò tíì gbóná. Mo rò pé aṣọ kíká ni wọ́n gbà wá fún."

Ọ̀gá Fèrè yí padà lọ. Ṣùgbọ́n kò jáwọ́ lára Ọmọ Tuntun.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ọmọ Tuntun wá sílé Ìyá Ẹ̀rọ. Ó ní òun ò tíì ṣe tán láti lọ fẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n òun fẹ́ kó jẹ́ pé, bí òun bá lọ, òun á ní nǹkan lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ní kó kọ ọ̀kan nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ káwọn wò ó. Ọmọ náà kọ ọ́, ó sì kà á sókè:

"Obìnrin burúkú yẹn, tó ń rìn bí àgbò tí ebi ń pa, tún hùwà rẹ̀ sí mi. Ọlọ́run á dájọ́."

Ìyá Ẹ̀rọ pàtẹ́wọ́. "Ó dáa! Àgbò gan-an!"

"Kò dáa o," ni Nọ́ọ̀sì wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín ń pa òun náà. "Ní wọ́ọ̀dù wa, a kì í kọ pé aláìsàn ya wèrè lóru. A ń kọ pé ó ju ife mọ́ ògiri. Ọjọ́ wo ni? Níbo? Kí ló sọ gan-an, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀? Ta ló wà níbẹ̀? Kí ni ìwọ ṣe? Àgbò ò sí níbẹ̀, jẹ́ kó máa lọ."

Ọmọ Tuntun pa á rẹ́, ó tún un kọ: "Túsìdé, lẹ́yìn ìsinmi, nídìí tábìlì ìkáṣọ. Ó fọn fèrè sí mi létí òsì. Ó ní, 'Ìgbín, ṣé o ti sùn?' Ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Mi ò fèsì. Etí náà dùn mí títí mo fi délé."

Èyí dunni ju ti àgbò lọ.

"Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an ni kó o máa kọ ọ́," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Èyí tó ò bá rántí ọjọ́ rẹ̀, kọ pé o ò rántí. Ilé ni kó o sì máa fi ìwé náà sí."

Ìyẹn bọ́gbọ́n mu, torí Ọ̀gá Fèrè ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù ibi iṣẹ́. Ọmọ Tuntun wá mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fẹ́ pa fọ́tò wasáàpù yẹn rẹ́. "Mi ò fẹ́ rí i mọ́."

"Má rí i," ni Ìyá Ẹ̀rọ wí, "ṣùgbọ́n má pa á rẹ́. Fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi á máa bá ẹ tọ́jú wọn, pẹ̀lú ọjọ́ tó wà lórí wọn. Tó o bá fẹ́, kó o wá gbà á."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìyá Ẹ̀rọ náà ń kọ ohun tí òun fi ojú ara rẹ̀ rí, lọ́tọ̀. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Fèrè da omi ìdọ̀tí sórí aṣọ tí Ọmọ Tuntun ti ká jọ, ó ní ọwọ́ òun ló yọ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì ka tiwọn fún ara wọn, Ọmọ Tuntun kọ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ni, Ìyá Ẹ̀rọ kọ búlúù. Ìyá Ẹ̀rọ mú bírò, ó fẹ́ yí tirẹ̀ padà.

"Kí lẹ rí, Mà?"

"Búlúù ni mo rí. Ṣùgbọ́n bí ẹnu wa ò bá kò, wọ́n á ní irọ́ la pa."

"Ẹ fi búlúù yín sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ tìtorí mi kọ ohun tí ẹ ò rí." Ohùn ọmọ náà le. Ìyá Ẹ̀rọ ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó gbé bírò sílẹ̀.

Nígbà tí oṣù ń parí lọ, Ọ̀gá Fèrè sọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn pé òun á kọ ọ́ pé Ìgbín ò kúnjú ìwọ̀n fún iṣẹ́ náà. Ọmọ Tuntun wá sídìí ẹ̀rọ.

"Mo ti ṣe tán, Mà. Mo fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì lónìí. Ṣé ẹ ó sìn mí?"

"Wọlé, àbí dé ẹnu ọ̀nà?"

"Dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo máa sọ ọ́."

Ìyá Ẹ̀rọ jókòó síta ọ́fíìsì, ó gbọ́ ohùn ọmọ náà, ó bu ètè jẹ kó má baà wọlé. Nígbà tó yá, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ọkùnrin onígíláàsì ojú kan, pe òun náà wọlé, òun nìkan. Ó ti ka ìwé àwọn méjèèjì tí ọmọ náà kó wá, ó sì ti rí fọ́tò náà.

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì yìí ńkọ́, Mà?"

Ìyá Ẹ̀rọ wo ojú rẹ̀. "Búlúù ni mo rí, Sà. Òun ní àwọ̀ ewé. Mi ò mọ ẹni tó ríran dáadáa nínú wa. Ẹni tó da omi, mo rí i."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì bá jọ há sórí máa ń bára mu ju báyìí lọ. Ẹ ṣeun, Mà."

Ó pe ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ. Ìyẹn tẹrí ba, ó sì sọ òótọ́. Ó pe Ọ̀gá Fèrè náà, ó jẹ́ kó rojọ́. Eré ni, ni Ọ̀gá Fèrè ń tẹnu mọ́, eré lásán. Ṣùgbọ́n kò rí bó ṣe máa ṣàlàyé fọ́tò tí òun fúnra rẹ̀ kọ nǹkan sábẹ́ rẹ̀.

Ìdájọ́ ò pẹ́. Wọ́n fún Ọ̀gá Fèrè ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí lókè, níbi tí kò ti ní ẹni tó máa ṣọ̀gá lé lórí. Wọ́n ní kí olórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán wá wo iṣẹ́ Ọmọ Tuntun fúnra rẹ̀. Ó wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní kí wọ́n gbà á. Ìbọ̀wọ́ náà dé, odidi páálí kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fún un ní ìwé rẹ̀, ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ aṣọ rọra wá sídìí tábìlì.

"Àbúrò, mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Kò yẹ kí n ṣe é. Má bínú."

"Ẹ di igun yẹn mú," ni Ọmọ Tuntun wí. "Ẹ fà á kó le."

Ó dì í mú. Ó ń fà á sọ́tùn-ún, ó yẹ kó fà á sósì, aṣọ náà sì lọ́ bí okùn.

"Òun gan-an wá ni ìgbín!" ni Ìyá Ẹ̀rọ pariwo láti ìdí ẹ̀rọ, ó sì yára bo ẹnu. "Mo bẹ̀bẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan o."

"Ẹ ti sọ ọ́, Mà," ni Ọmọ Tuntun wí. "Mo máa kọ ọ́ sílẹ̀. Nídìí ẹ̀rọ, bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín."

"Búlúù ni!"

Wọ́n ń jà á lọ báyẹn títí aṣọ fi tán lórí tábìlì.