Ímeèlì Tí Adéwọlé Fi Mú Wa Mọ Oníìpara

Èmi fẹ́ràn orin, mi ò ní purọ́. Bí mo bá ń sẹ́ òrí, orin ni. Bí mo bá ń wá sálúbàtà mi lábẹ́ àga, orin ni. Sìdíkátù ọmọ mi a máa ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí àwọn aráalé sinmi." Èmi a ní, "Ṣé wọ́n sanwó kí wọ́n tó gbọ́ ni?" A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Ní Ìgàndò la wà. Òrí là ń tà, òrí tí a fi ń para. Àwọn obìnrin ẹbí wa ní Ṣakí ló ń ṣa èso emi, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń pò ó, tí wọ́n ń sè é. Wọ́n á fi í sínú mọ́tò ránṣẹ́ sí wa. Sìdíkátù á tún un yọ́ lórí iná kékeré, èmi á fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ títí kò fi ní sí pàǹtí kan nínú rẹ̀. A kì í fi nǹkan kan lú u. Bí o bá ṣí bọ́kẹ́ẹ̀tì wa, o ò ní gbóòórùn èéfín rárá.

Ṣùgbọ́n òrí dáadáa kì í rin lọ bá oníbàárà fúnra rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ là ń tà á fún àwọn ìyá ọmọ tuntun. Àwọn obìnrin Ṣakí ti ń bínú pé ọjà wọn ń pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Sìdíkátù wá sọ fún mi pé, "Màmá, bí n ò bá rí oníbàárà ńlá kan tí yóò máa gbà á lóṣooṣù, èmi á fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́dún yìí. Mi ò lè máa parọ́ fún àwọn ìyá Ṣakí yẹn pé owó wọn ń bọ̀."

Ìyẹn ló mú Adéwọlé wọ ọ̀rọ̀ náà. Adéwọlé ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ìkòtún, òun ló ń tẹ lébẹ̀lì tí à ń lẹ̀ mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ọmọlúàbí ni, kì í kọjá lára àgbà láìdọ̀bálẹ̀. Òun náà ló ń tẹ lébẹ̀lì fún Ìníolúwa, obìnrin kan tó ń ṣe ìpara ní Ẹ̀gbẹ́dá, tó ń kó o lọ sí òkè òkun. Lọ́jọ́ kan Ìníolúwa jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń ṣàròyé pé òrí tí wọ́n ń kó wá fún òun kò mọ́, pé ó ń ba ìpara òun jẹ́. Adéwọlé ní, "Madam, mo mọ ẹnì kan." Obìnrin náà ní, "Kọ ọ́ sínú ímeèlì fún èmi àtòun. Sọ ohun tó ní, sọ ohun tó ń wá. Èmi á kà á." Adéwọlé béèrè lọ́wọ́ Sìdíkátù náà bóyá òun lè fi àdírẹ́sì rẹ̀ sí i. Sìdíkátù ní kó fi sí i kíákíá.

Ẹ ò rí i? Ẹni tó ń wá òrí rèé, ẹni tó ní òrí rèé, ẹni tó mọ àwọn méjèèjì ló wà láàárín. Mo dá orin sílẹ̀ lọ́jọ́ náà:

Ẹ̀gbẹ́dá ń pè mí, mo dáhùn,
Ìgàndò ń jó, mo jó sí i,
Òrí mi tó jókòó sílé,
Ó dìde, ó ń lọ àjò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì Adéwọlé wá sílé wa pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ní òun ti fi ímeèlì náà ránṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi:

"Madam wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi mú arábìnrin kan wá síwájú yín. Sìdíkátù ni orúkọ rẹ̀. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀ fún un, ìyá rẹ̀ arúgbó sì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò ya ọ̀lẹ. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fojú àánú wò ó. Ohunkóhun tí ẹ bá lè ṣe fún un, Ọlọ́run yóò san án padà fún yín. Ó máa ń ta òrí pẹ̀lú. Sìdíkátù, Madam yìí ni ìyá àwọn aláìní. Máa gbọ́ tiwọn."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Adéwọlé, o ò ní fi ẹnu rere rẹ bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ láé."

Sìdíkátù ò ṣe àmín. Ó ní, "Bùrọ̀dá Wọlé, níbo lẹ ti sọ bí òrí mi ṣe rí?"

"Mo dárúkọ òrí, àbí o ò gbọ́ ọ níparí?"

"Ẹ ní mo máa ń ta òrí *pẹ̀lú*. Pẹ̀lú kí ni? Pẹ̀lú opó tí mò ń ṣe?"

Adéwọlé rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí! Tí a bá mú ènìyàn lọ sílé ẹni ńlá, ṣé ọjà la ó kọ́kọ́ dà sílẹ̀ fún wọn ni? Ẹ̀bẹ̀ là ń fi ṣílẹ̀kùn. Jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ ná, wọ́n á ra ọjà rẹ."

"Wọn ò ní kí ẹ bẹ àwọn, Bùrọ̀dá. Wọ́n ní kí ẹ sọ ohun tí mo ní."

Ó ti lọ ṣá. Ímeèlì kì í ṣe ẹran ìso tí a lè fà padà.

Èsì dé. Sìdíkátù kà á sókè, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ bí ó ti ń kà á lọ. Ìníolúwa kọ ọ́ pé ìtàn opó náà wọ òun lọ́kàn, pé òun ti fi Hope sínú ímeèlì náà, ọmọbìnrin tó ń bójú tó ètò ìrànwọ́ ilé iṣẹ́ àwọn, pé Hope ni yóò máa bá wa sọ̀rọ̀ láti ìsinsìnyí lọ. Hope náà ti kọ tirẹ̀: kí a wá sí Ẹ̀gbẹ́dá.

Mo ní, "Wọ́n pè wá!"

Sìdíkátù ní, "Wọn ò bi mí ní nǹkan kan nípa òrí, Màmá." Ṣùgbọ́n ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dára jù lọ nínú ilé, ó nu ara bọ́kẹ́ẹ̀tì náà títí ó fi ń dán. Ó ní bí òun àti Madam bá ti fojú kan ara wọn, òun á fẹnu ara òun sọ ọ́.

Hope ló pàdé wa ní ẹnu géètì. Ọmọ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ Mà. Ẹ̀yin ni opó náà?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni. Ọkọ tèmi náà ti kú o, ẹnikẹ́ni ò kàn tíì kọ ọ́ sínú ímeèlì ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Sìdíkátù. "Háà, ẹ tún mú ẹ̀bùn wá fún Madam! Ẹ ò bá má yọ ara yín lẹ́nu."

"Kì í ṣe ẹ̀bùn, àǹtí. Ọjà mi ni, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kò burú, Mà. Màá bá yín gbé e síbẹ̀." Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìgbálẹ̀.

Níbi tí a jókòó sí, àwọn òṣìṣẹ́ ń ha òrí kúrò nínú àgbá kan, wọ́n ń dà á nù. Òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Sìdíkátù fa òórùn náà símú. Ó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Wọ́n ti fi ọ̀rá mìíràn lu ìyẹn. Màmá, ohun tí obìnrin yìí ń wá gan-an ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbálẹ̀ yẹn."

Ìníolúwa jáde sí wa. Ara rẹ̀ ń dán, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dì mọ́ mi. Ó di ọwọ́ Sìdíkátù mú pé, "Má sunkún mọ́."

Sìdíkátù ò sunkún. Ó ní, "Madam, ẹ ṣé. Òrí tí mo sọ pé—"

"Sùúrù. Ẹ má ronú nípa ìṣòro kankan lónìí. Ẹ rẹ́rìn-ín sí fọ́tò."

Ni wọ́n bá gbé àpò ìrẹsì síwájú wa, ayàwòrán ní kí Sìdíkátù fọwọ́ kàn án, kó sì wo Madam lójú bí ẹni tó ń dúpẹ́. Wọ́n ní kí èmi gbé ọwọ́ sókè. Mo gbé e. Wọ́n ní kí n kọrin ìdúpẹ́, wọ́n ti gbọ́ pé mo lè kọrin. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, n ò rí orin kankan. Mo ní ọ̀nà ọ̀fun ń dùn mí.

Láti ibẹ̀, Ìkòtún la gbà lọ. Sìdíkátù gbé ìrẹsì náà kalẹ̀ síwájú Adéwọlé.

"Bùrọ̀dá Wọlé, èrè ẹ̀bẹ̀ yín rèé. Ẹ bá mi tún un kọ."

Adéwọlé tijú, ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra. Lọ́tẹ̀ yìí ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ, Sìdíkátù dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lórí ímeèlì ó kọ: "Òrí tí a kò lú, láti Ṣakí: Sìdíkátù àti Ìníolúwa." Nínú rẹ̀ ó ní: "Madam, ẹ sọ fún mi pé òrí tí ẹ ń rà kò mọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sè é gan-an ni Sìdíkátù ti ń gbà á, ó ń sẹ́ ẹ, ó sì lè kó o wá lóṣooṣù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́dọ̀ yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Sìdíkátù, ìpara tí Madam ń ṣe ń lọ sí òkè òkun, wọ́n sì nílò ẹni tí kì í já wọn kulẹ̀. Mo fi yín sílẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ mú ọjọ́ tí ẹ ó sọ̀rọ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí omijé kankan nínú rẹ̀.

Hope ló fèsì: "Ẹ ṣeun. A ti ran ìdílé yìí lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ló kàn."

Adéwọlé pe Ìníolúwa lórí fóònù níwájú wa. A gbọ́ ohùn rẹ̀, ó tutù bí omi àmù. "Adéwọlé, ọkàn rẹ dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yàtọ̀ sí àánú. Mi ò lè fi ọjà tó ń lọ sí òkè òkun lé ẹni tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́. Tí ìṣòro bá tún dé ńkọ́?"

"Madam, òrí wọn dára o."

"Mo mọ̀ pé o fẹ́ kó rí jẹ. Wàá tún rí wa lọ́dún tó ń bọ̀."

Adéwọlé gbé fóònù kalẹ̀. Ó ní, "Sìdíkátù, bínú sí mi." Sìdíkátù dìde. Ìrẹsì náà ni kò gbé mọ́ nígbà tí a ń lọ.

Alhaji kan tó ń kó òrí jọ ní Ìyànà Ìpájà ló wá kó gbogbo ọjà wa. Kò ṣí ọ̀kan wò. Ó dà á sínú àgbá kan náà pẹ̀lú ti gbogbo ayé, dúdú rẹ̀, funfun rẹ̀, èyí tó ń rùn àti èyí tí kò rùn. Mo ń wo gbogbo ọwọ́ tí mo fi sẹ́ ẹ bó ti ń rì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Sìdíkátù pe àwọn obìnrin Ṣakí. Mo gbọ́ bí ìyá àgbà ibẹ̀ ti ń kí i, tó ń béèrè àwọn ọmọ, tó ń sọ fún un pé igi emi so dáadáa lọ́dún yìí.

Sìdíkátù ní, "Ìyá, ẹ má sè é fún mi mọ́."

"Èé ṣe? Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára, Ìyá. Kò sí ẹni tó ń wá a ni."

Ó pa fóònù náà. Èmi tí mo jókòó tì í mọ̀ pé irọ́ ni: ẹni tó ń wá a wà ní Ẹ̀gbẹ́dá.