Ohun Tí Ìlà Náà Fò Kọjá

Ní ọjọ́ Sátidé ni Hàbíbátù máa padà sí Kuta, ẹjọ́ ẹyin adìẹ ló sì fẹ́ gbé e lọ.

Mùrí, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ló kan àpótí ìsàba kan sí yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ìwó. Gílóòbù ló ń mú inú àpótí náà móoru bí abẹ́ ìyẹ́ adìẹ. Tí NEPA bá mú iná lọ, tí wọn kì í sì í fi ìyẹn ṣeré, Hàbíbátù á gbé lántà méjì sábẹ́ rẹ̀, á fi àkísà dí àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí Mùrí ṣe pàṣẹ. Síbẹ̀, ẹyin ń kú sínú èèpo. Mùrí ní ẹ̀gbọ́n òun ń fi kẹrosíìnì ṣahun ni, pé lántà kan ṣoṣo ló ń tàn, òtútù ló sì ń pa àwọn ọmọ adìẹ. Ó ní kó lọ sinmi ní Kuta. Sinmi! Opó tí àwọn àna ti gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ló ti fẹ́ sinmi?

Ọ̀rọ̀ náà dun Ràódàt, ìyàwó Mùrí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló gba ọkọ rẹ̀ lọ́kàn. Méjì ni Mùrí rà nígbà tí ọ́fíìsì rẹ̀ ń ta àwọn ògbólógbòó wọn lọ́dún 1998. Ọ̀kan wà ní yàrá ẹ̀yìn, kò ní ojú tí ènìyàn ń wò. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti inú àpótí wá sí ìdí rẹ̀, ó ń wọn ooru. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kọ̀ǹpútà náà á kọ àkókò àti ooru náà sínú àkójọ kékeré kan. Wáyà mìíràn gba òkè àjà dé pálọ̀, níbi tí èkejì ti ń fi àkójọ yẹn ya àwòrán: ìpíndọ́gba ooru ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, àti ìlà kan fún ọ̀sẹ̀.

Ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Mùrí á máa nawọ́ sí i, á ní, "Ẹ̀rọ kì í parọ́. Àpótí ò lálèébù, ọwọ́ ènìyàn ni."

Ara Ràódàt kò gbà á. Òfíntótó obìnrin ni. Tí wọ́n bá ní kò sí nǹkan nínú ìkòkò, á ṣí i wò ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, tí ọkọ rẹ̀ nà gbalaja sórí àga nínú jàlàbíà, ó pa àwòrán tì, ó ṣí àkójọ fúnra rẹ̀ wò. Ó ń ka àkókò wọn lọ sísàlẹ̀. Lójijì, láti aago kan, wọ́n fò ó di aago mẹ́rin. Ibo ni àwọn tó wà láàárín lọ?

Ó wo ọjọ́ mìíràn. Àlàfo. Ó wo òmíràn. Àlàfo. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Iná ni! Bí NEPA bá ti mú iná, kọ̀ǹpútà náà sùn nìyẹn. Àṣé ọdẹ tí wọ́n gbà máa ń sùn gẹ́rẹ́ tí olè bá wọlé. Wákàtí tí iná wà nìkan ni ìpíndọ́gba ń kà, ìlà sì ń so etí àlàfo méjèèjì pọ̀ bíi pé kò sí kòtò níbẹ̀.

"Bàbá Fareedah, ẹ wá wo nǹkan," ó ké sí ọkọ rẹ̀.

Mùrí wò ó, ó pàtẹ́wọ́. "Ṣebí mo sọ? Inú àlàfo yìí ni òtútù ti ń wọlé! Ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n ń tọ́jú ẹ̀ gan-an nìyí."

Ràódàt tún wo àlàfo náà. Ṣé òun ló wá fọwọ́ ara òun di ẹrù obìnrin yìí báyìí? Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn.

"Tó bá jẹ́ òtútù," ó rọra sọ ọ́, "nígbà tí iná bá padà dé, kí ló yẹ kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ kọ?"

"Iye tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kí gílóòbù tó mú un móoru."

"Ẹ jẹ́ ká yà á."

Ojú Mùrí ti ń tàn. Òun náà kò lè rí ìbéèrè kó fi í sílẹ̀. Ó tún ètò náà ṣe: kí ìlà já níbi tí kò bá ti sí àkọsílẹ̀, kí àmì kan sì wà lórí iye àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí iná bá dé. Wọ́n jọ ń wò ó bó ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀.

Gbogbo àmì náà ló wà lókè ìlà. Dípò méjìdínlógójì tó yẹ ẹyin, ogójì ni, òmíràn kọjá bẹ́ẹ̀. Bí àlàfo bá sì ṣe gùn tó ni ooru rẹ̀ ṣe ń ga sí i. Ẹyọ kan kò sí nísàlẹ̀.

Mùrí dìde kúrò níwájú kọ̀ǹpútà. Lántà méjì. Àkísà nínú ihò. Ta ló pàṣẹ?

Ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Hàbíbátù ti ń so ẹrù rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú jàlàbíà Jímọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí. Kì í ṣe òtútù. Èmi ni mò ń sun wọ́n jẹ."

"Mo ní mò ń gbé méjèèjì," Hàbíbátù sọ. "Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún ẹ, Mùrí. O ní ẹ̀rọ kì í parọ́."

Kí Mùrí tó dáhùn, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ilé kejì kú, àwọn ọmọ sì kígbe, "Wọ́n ti mú un o!"

Ẹyin tuntun wà nínú àpótí. Hàbíbátù já ẹrù sílẹ̀, ó sáré wọ yàrá ẹ̀yìn, Ràódàt sì tẹ̀ lé e. Nínú òkùnkùn yàrá náà, kọ̀ǹpútà ti sùn. Opó náà gbé lántà kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mélòó?"

"Ẹyọ kan. Ẹ yọ àkísà yẹn. Tó bá sì gbóná jù lójú yín, ẹ ṣí i, ẹ má dúró dè mí."

Hàbíbátù gbé lántà kejì sílẹ̀. Ó fa àwọn àkísà náà yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jókòó ti àpótí.