Oògùn Inú Tíì

"Ṣé Bàbá máa ń lo oògùn ìrora?" Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí iṣẹ́ ti mú kí ojú rẹ̀ wọnú, ló bèèrè bẹ́ẹ̀.

Alágbàfọ̀ tó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ́rìn-ín. "Èmi kẹ̀? Látìgbà tí ọgbẹ́ inú ti fẹ́ gbẹ̀mí mi ni wọ́n ti ní n ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹ bi ìyàwó mi."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga oníke láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Ó kàn ń mi orí bí alángbá ni. Ẹ̀rù ti bà á.

Ká sòótọ́, obìnrin yìí kì í ṣe ìkà. Ọkọ rẹ̀ á dúró nídìí áyọ́ọ̀nù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, orúnkún á wú, á máa kérora mọ́jú, síbẹ̀ olóríkunkun náà ò ní gbé oògùn mì. Àánú rẹ̀ ń ṣe é. Wọ́n ti sọ fún un pé téèyàn bá ti jẹun kó tó lo ibuprofẹ́ẹ̀nì, oògùn ìrora kan, kò lè pa inú lára, òun náà sì gbà. Ló bá ń lọ̀ ọ́, ó ń pò ó mọ́ tíì tó kún fún ṣúgà, láàárọ̀ àti lálẹ́. Orúnkún rọ̀. Bàbá ń yan bí ọkọ ìyàwó.

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ti ń ru tẹ́lẹ̀ wá tún ru sí i. Wọ́n fi oògùn tó ń múni tọ̀ kún èyí tó ń lò. Ẹsẹ̀ wú, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, ìtọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró. Bí wọ́n ṣe dé ilé ìwòsàn nìyẹn.

"Ká ní ibuprofẹ́ẹ̀nì ni, ọ̀rọ̀ ì bá yé mi," ni dókítà wí. "Òun àtàwọn ẹbí rẹ̀ máa ń dá ọgbẹ́ sínú, béèyàn tiẹ̀ jẹun yó. Wọ́n sì máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, pàápàá lára àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò lò ó, tí ẹ̀jẹ̀ inú tó sọ ìgbẹ́ di dúdú yìí bá ti dá, àfi ká fi abẹ́rẹ́ gé díẹ̀ lára kíndìnrín náà wò. Ìyẹn náà léwu o."

Obìnrin náà wo ilẹ̀kùn. Tó bá dákẹ́, tó lọ da oògùn tó kù nù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àmọ́ wọ́n á gún ọkọ rẹ̀ lásán. Tó bá sì sọ ọ́, ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó. Iwájú ò ṣe é lọ, ẹ̀yìn ò ṣe é padà sí.

"Ó ń lò ó," ó ní. "Èmi ni mò ń pò ó sínú tíì rẹ̀. Kò mọ̀."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ó dáa tẹ́ ẹ sọ ọ́, Màmá. A máa dá oògùn náà dúró lónìí, a máa tọ́jú inú. Kíndìnrín lè bọ̀ sípò, ó sì lè má bọ̀ sípò tán."

Alágbàfọ̀ yíjú kúrò lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn fún un.

Nọ́ọ̀sì gbé oògùn inú dé. Ìyàwó yára bu omi sí kọ́ọ̀bù, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ọkọ gbà á. Ó wo ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù náà títí, ó wá nà án sí nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu òmíràn."