Òkúta Tó Ní Òjìji

Inú ti ń bí mi sí òkúta yẹn kí ẹnikẹ́ni tó sunkún. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ni mo ti jókòó tì í lójú kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Òmù-Àrán, tó kọ̀ tí kò fẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi Hafeezat ni kí n máa fi ohun tí kò sí níbẹ̀ sínú fọ́tò. Òkú ni mo máa ń fi síbẹ̀ jù: bàbá tó ti kú sẹ́yìn ìyàwó tuntun, ìyá àgbà sáàárín àwọn ọmọ-ọmọ. Ilé tí irú rẹ̀ kò sí lára ògiri kò pọ̀ ládùúgbò wa.

Àǹtí Rhoda, tíṣà kan lẹ́yìn ọjà, ló gbé iṣẹ́ òkúta wá. Màmá rẹ̀ ṣubú, egungun ìbàdí wọn kán, àwọn dókítà sì ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Ìlọrin fún iṣẹ́ abẹ. Màmá fárígá. Wọ́n ní àwọn ò ní kúrò nílé àfi bí àwọn bá rí òkúta tí àwọn ọmọ ṣèlérí fún ibojì bàbá wọn ní Oro-Ago. Òkúta ti wà lọ́gbà bíríkìlà, ṣùgbọ́n òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ kò lè gbé e lọ. Ọlábọ̀wálé, àbúrò Rhoda, ti gun ọ̀kadà lọ ṣán ibojì náà, ó sì fi fọ́tò ara rẹ̀ ránṣẹ́ níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

"Hafeezat, jọ̀ọ́, bá mi gbé òkúta síwájú ibojì. Tí Màmá bá rí i, wọ́n á lọ."

Mo gé òkúta náà kúrò nínú fọ́tò tí wọ́n yà lọ́gbà bíríkìlà, níbi tí oòrùn ti mú ganrínganrín, mo gbé e síwájú ibojì. Ó léfòó. Mo kun òjìji gígùn fún un sápá ọ̀tún, irú èyí tó ní lọ́gbà bíríkìlà gan-an. Ó ṣì léfòó. Mo fi dúdú kún dúdú, ó wá dà bí ihò. Orí mi dàrú. Òjìji ṣáà ni òjìji! Nígbà tí Àǹtí Rhoda pè mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé kọ̀ǹpútà mi, mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀ bá Màmá lórí ibùsùn wọn nílé.

Màmá wo àwòrán náà pẹ́.

"Ọlábọ̀wálé dà?"

"Ó wà ní Oro-Ago, Mà."

"Mo ní, Ọlábọ̀wálé dà?"

Àǹtí Rhoda pè é. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò sí. Ó tún pè é. Ni Màmá bá bú sẹ́kún.

"Òkúta ní òjìji nílẹ̀ rẹrẹ, ọmọ mi kò ní. Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ bí ẹ ṣe ń lẹ òkú mọ́ fọ́tò? Ìgbà wo ló kú?"

Ẹ̀rù bà mí, mo sì tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, mi ò mọ èwo ni kí n ṣe. Èyí tí mo fi purọ́ ni wọ́n gbà gbọ́, èyí tó jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sunkún lé. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láìmọ̀.

"Òkúta ni mo lẹ̀, Mà! Ẹ wò ó." Mo tẹ bọ́tìnì kan, òkúta kúrò. Mo tún tẹ̀ ẹ́, òjìji rẹ̀ kúrò.

"Yọ Ọlábọ̀wálé náà kí n rí i."

"Kò ṣeé yọ, Mà. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó gba fọ́tò ọ̀hún."

Wọn ò gbà. Mo wá fa ẹsẹ̀ Ọlábọ̀wálé tóbi lójú kọ̀ǹpútà. Lábẹ́ sálúbàtà rẹ̀, ìlà dúdú tín-ín-rín kan wà. Ó dúdú jù níbi tí rọ́bà ti kan ilẹ̀ gan-an, lẹ́yìn náà ó ń ṣá lọ, kò tó ìbú ìka kan tó fi tán. Ìkùukùu bo ojú ọ̀run lọ́jọ́ náà, kò sí oòrùn tí yóò na òjìji ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ni ìmọ́lẹ̀ kò ti ráàyè wọlé. Mo dá òkúta padà: abẹ́ tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ilẹ̀ pupa ń dán níbi tó yẹ kó ti ṣókùnkùn. Gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń kun òjìji, ibẹ̀ ni mi ò fọwọ́ kàn.

Màmá fi ìka kan ìdí òkúta, wọ́n tún fi kan sálúbàtà.

"Ẹsẹ̀ òun kanlẹ̀," ni wọ́n wí.

"Ó kanlẹ̀, Mà. Mo lè tún ti òkúta ṣe báyìí, mo ti mọ̀ ọ́n."

"Má tún un ṣe. Yọ ọ́ dànù." Wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ mi tó wà láàyè lọ́kàn mi lórí ibùsùn yìí ni. Òkúta wo ni mo tún ń dúró dè? Rhoda, ẹ gbé mi lọ sí Ìlọrin."