Àádọ́ta Lẹ́nu Bàbá Gbàdàmọ́sí

Ìdánwò àṣekágbá àwọn nọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo o. Bébà kìíní wà, níbi tí wọ́n ti ń yan ìdáhùn. Bébà kejì wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ àlàyé tí ọwọ́ á fi máa ro èèyàn. Lẹ́yìn náà ló wá kan èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe lára aláìsàn gan-an, tí àwọn olùdánwò á dúró tì ọ́, tí wọ́n á máa da ìbéèrè bò ọ́. Mọ́ṣádé ti yege nínú bébà méjèèjì. Ti ọwọ́ yìí ló fẹ́ ba tiẹ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, irin tí wọ́n fi ń mú òwú já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ló fẹ́ fi kánjú ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀, ó he é nílẹ̀, ó tún fẹ́ fi nu egbò! Wọ́n já a wọ̀ọ̀. Ti pé Kánsù, ìyẹn àjọ tó ń ṣètò ìdánwò àwọn nọ́ọ̀sì, gbà kéèyàn tún ibi tó ti já nìkan ṣe, ìyẹn dáa. Àmọ́ iye ìgbà téèyàn lè tún un ṣe lópin, ẹ̀ẹ̀kan péré ló sì kù fún Mọ́ṣádé. Bó bá tún já, gbogbo wàhálà iléèwé nọ́ọ̀sì di òfo nìyẹn.

Ohun tó ń sọ fún Bàbá Gbàdàmọ́sí nìyẹn nígbà tó ń tún bẹ́ẹ̀dì wọn ṣe ní ọsibítù ní ọ̀sán tó ṣáájú ìdánwò. Páànù ni bàbá yìí ń tà ní àdúgbò Pòrógún. Wọ́n gun òrùlé lọ fi bí wọ́n ṣe ń kàn án han káfíńtà, ẹsẹ̀ wọn sì kán. Ẹsẹ̀ nìkan ló ṣáà kán, ẹnu wọn ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é.

"Mélòó lo gbọ́dọ̀ gbà?" ni wọ́n bi í.

"Àádọ́ta ni, Bàbá. Ká ní mo gba àádọ́rùn-ún ní bébà, tí mo wá gba mọ́kàndínláàádọ́ta ní ti ọwọ́, mo já náà ni. Wọn kì í fi ọ̀kan dí èkejì."

"Torí ẹyọ kan? Wọ́n mà láhun ju àwa Ìjẹ̀bú tí gbogbo ayé ń pè láhun lọ o!"

Ni wọ́n bá pe Mọ́ṣádé níbòmíràn, ó sáré lọ. Bàbá sì ń dá ọ̀rọ̀ náà rò.

Ilẹ̀ mọ́, olùdánwò méjì dé láti ìlú mìíràn. Ìyáàfin Frederick, obìnrin tí ojú ẹ̀ le bí ẹni tí ẹ̀rín ń bí nínú, nawọ́ sí bẹ́ẹ̀dì Bàbá Gbàdàmọ́sí. Ó ní kí Mọ́ṣádé wo bí ara wọn ṣe gbóná sí, kó sì ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù.

Mọ́ṣádé fọwọ́, ó kí bàbá, ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe, ó sì ki tẹmómítà sábẹ́ ahọ́n wọn. Bàbá ṣẹ́jú sí i. Nígbà tó yọ ọ́, ó lé ní mọ́kànlélógójì! Ẹni tí ara ẹ̀ gbóná tó báyìí á ti máa sọ ìsọkúsọ, bàbá yìí sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fọwọ́ kan iwájú orí wọn: ó tutù nini. Ọkàn ẹ̀ ń sọ fún un pé kó ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀ kó máa lọ, torí ojú Ìyáàfin Frederick kò kúrò lára ẹ̀. Ó wá rí ọrùn fláàsì lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Bàbá, kí lẹ mu?"

"Èmi kẹ̀? N kò mu nǹkan kan!"

"Bàbá."

"Tíì díẹ̀ ni. Ìgbà tí mo gbúròó bàtà wọn ni mo fi sẹ́nu."

Mọ́ṣádé kọjú sí olùdánwò. "Mà, wọ́n ti mu nǹkan gbígbóná, iye yìí kì í ṣòótọ́. N kò ní kọ ọ́. Abíyá ni màá fi sí."

Mọ́ṣádé gbọn tẹmómítà náà wálẹ̀, ó nu abíyá bàbá, ó fi há ibẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ wọn mú, ó ka bí ọkàn wọn ṣe ń lù, kò kánjú. Nígbà tó yọ ọ́, ó kà á sókè: "Mẹ́rìndínlógójì àti ààbọ̀, Mà."

"Súbúhánà!" Bàbá fọwọ́ lérí. "Mẹ́rìndínlógójì? Ọmọ yìí, o ti pa ara ẹ! Gbé e padà sẹ́nu, ẹnu ni máàkì wà! Tíì ṣì kù!" Wọ́n di aṣọ Ìyáàfin Frederick mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, ẹ bá mi fi mẹ́rìnlá kún un kó lè pé àádọ́ta. Ọmọ dáadáa ni."

Ìyáàfin Frederick yára kọjú sí fèrèsé, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó yíjú padà. "A kì í sọ máàkì níbí, Bàbá. Kánsù ló ń gbé èsì jáde."

Mọ́ṣádé sunkún títí lọ́jọ́ náà. Ó dá a lójú pé yẹ̀yẹ́ yẹn ti pa òun lára.

Àfi ìgbà tí èsì jáde tí orúkọ ẹ̀ wà láàárín àwọn tó yege! Kò dúró kí ẹnikẹ́ni bá a yọ̀ tó fi sáré dé Pòrógún. Bàbá Gbàdàmọ́sí jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọ̀pá. Mọ́ṣádé kò tíì sọ̀rọ̀ parí tí bàbá fi na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Alihamudulilai! Wọ́n fi mẹ́rìnlá náà kún un!"

Mọ́ṣádé lanu láti ṣàlàyé. Ó wá rí i pé omi ń dà lójú bàbá, wọn ò tiẹ̀ nù ún. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sínú eruku.

"Wọ́n fi kún un, Bàbá. Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."