Ibi Tí Ẹ̀rọ Kò Ti Rí Eruku

Níbi ilé alájà mẹ́jọ tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó ń darí gbogbo iṣẹ́ ni Ọ̀gá Sáìtì. Ẹni tó ń wa táńkà omi ni Bàbá Olómi. Obìnrin tí wọ́n gbà láti máa mójú tó eruku, ariwo àti pàǹtí, Ìyá Eruku ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà kì í sì í ṣe eruku.

Èmi fẹ́ràn obìnrin yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tiẹ̀ gbọ́dọ̀ láyà. Bírìkìlà mọ ògiri, gbogbo ayé rí ògiri. Kápẹ́ńtà kan ilẹ̀kùn, wọ́n rí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n tí Ìyá Eruku bá ṣe tiẹ̀ dáadáa, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀ ni: eruku ò ní fò, etí ò ní di, afẹ́fẹ́ ò ní gbé àpò sìmẹ́ǹtì wọ ilé onílé. Ta ló ń dúpẹ́ nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀?

Kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ló ti kọ ètò ìtọ́jú àyíká fún iṣẹ́ náà, Ọ̀gá Sáìtì sì fọwọ́ sí i. Kò sí ohun tó le nínú ẹ̀. Kí táńkà máa wọ́n omi sí ojú ọ̀nà tí típà ń gbà, kí típà kankan má sì jáde láì fi tapólì bo ẹrù ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ju àfọ́kù láti òkè sílẹ̀. Iṣẹ́ aláriwo, pàápàá fífọ́ kọnkéré ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní àkókò tiẹ̀ tí wọ́n ti bá àdúgbò sọ. Kí irin wà lọ́tọ̀, pákó lọ́tọ̀, ọ̀rá lọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn eruku kọ́ sórí òpó, ní igun ọgbà tó kọjú sí ilé àwọn aládùúgbò. Tí eruku bá mọ níwọ̀n, iná àwọ̀ ewé á máa tàn lára ẹ̀. Tó bá ti kọjá ìwọ̀n, iná pupa á tàn, ẹ̀rọ á máa ké, gbogbo iṣẹ́ tó ń fa eruku á sì dúró títí wọ́n á fi wá nǹkan ṣe sí i.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ kọ́kọ́ dé, ẹ̀rọ náà ké ṣáá, Ọ̀gá Sáìtì sì ń wo Ìyá Eruku bí ẹni pé òun ló ń bu eruku sínú afẹ́fẹ́. Nígbà tó yá, iná àwọ̀ ewé gbàjọba. Ó ń tàn láàárọ̀, ó ń tàn lọ́sàn-án. Orí Ìyá Eruku wú. Ó rò pé ètò òun ti ń ṣiṣẹ́.

Àfi ìgbà tí Alágbàfọ̀ wọlé. Ìyá àgbàlagbà kan ni, tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà gan-an, tó máa ń sá aṣọ sórí òkè ilé ẹ̀ tó tẹ́jú. Ó gbé aṣọ ibùsùn kan dání, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì Ìyá Eruku láì kí ẹnikẹ́ni.

"Ọmọ mi, àwọ̀ wo lo rò pé aṣọ yìí ní?"

Ìyá Eruku wò ó. "Ó jọ eérú, mà."

"Funfun ni. Àárọ̀ yìí ni mo fọ̀ ọ́."

"Ẹ má bínú, mà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wa ò rí eruku kankan láti ọjọ́ yìí."

"Ṣé ẹ̀rọ yín ló ń fọṣọ ni, àbí èmi?" Ìyá náà ká aṣọ ẹ̀. "Hòtẹ́ẹ̀lì tí mò ń fọṣọ fún ti sọ pé tí aṣọ bá tún dé ọ̀dọ̀ àwọn báyìí lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn á gbé e fún ẹlòmíràn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń rí jẹ. Mo ti rí ilé kan lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ ò ní eruku, ṣùgbọ́n kò lóníbàárà náà. Tí oṣù yìí bá parí, mò ń kó lọ. Mo ní kí n wá sọ fún ẹ kí n tó lọ ni, torí o máa ń kí mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Eruku lára ju èébú lọ. Ó sọ fún Ọ̀gá Sáìtì, ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Owó gbà-má-bìínú ni màmá yẹn ń wá. Ṣé iná àwọ̀ ewé kọ́ ló ń tàn ni?" Iná àwọ̀ ewé ló ń tàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ yẹn ò kúrò lójú Ìyá Eruku, nígbà tó sì di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó lọ kan ilẹ̀kùn Alágbàfọ̀, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ kí òun gun òkè ilé ẹ̀.

Ẹni tó bá wà nílẹ̀ kì í rí ilẹ̀ dáadáa. Láti òkè yẹn, gbogbo sáìtì hàn kedere. Ilẹ̀ gbẹ, ó funfun bí ẹfun láti ẹnubodè dé ibi tí wọ́n ti ń gé búlọ́ọ̀kù. Ojú kan ṣoṣo ló tutù, tó dúdú dáadáa: abẹ́ òpó ẹ̀rọ. Àwọn kan tún ti fi àpò tútù kọ́ yí ẹ̀rọ náà ká, bí ẹni da aṣọ bo ọmọ tuntun. Bàbá Olómi wà níbẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà omi, ó ń rọra bomi rin ilẹ̀ náà bí ẹni tó gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Lókè ilé tí wọ́n ń kọ́, àwọn lébìrà ń da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ gbàà, eruku ẹ̀ dìde, afẹ́fẹ́ gbé e, ó gba ẹ̀yìn àpò tútù yẹn kọjá, ó wá bà lé àwọn aṣọ Alágbàfọ̀.

Ojú ti Ìyá Eruku débi tí kò lè wo ìyá náà lójú. Ó sọ̀kalẹ̀, ó lọ bá Bàbá Olómi.

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ máa ṣe báyìí?"

Bàbá Olómi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ ni. Inú ẹ̀ ń dùn. "Ṣé ẹ ti wá rí i? Gbogbo wa la fohùn ṣọ̀kan. Nígbà tí nǹkan yìí ń ké, ẹ̀yin ni Ọ̀gá ń kanra mọ́. A ní ọmọ dáadáa ni, ó máa ń bi wá bí ìyàwó àti ọmọ ṣe wà, a ò ní jẹ́ kí wọ́n lé e lọ. Omi táńkà kan ò lè kárí gbogbo ilẹ̀ yìí, la bá ń dà á síbi tó máa ṣe yín lóore."

Ẹ gbọ́ ná, kí lèèyàn fẹ́ sọ sí irú èyí? Ẹ̀rín ń pa Ìyá Eruku, ẹkún náà ń gbọ̀n ọ́n. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n sì fi ìfẹ́ ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́.

"Bàbá, ẹ ṣeun," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ṣùgbọ́n a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀rọ yẹn kọ́ ni mo wá tọ́jú. Ìyá tó wà lẹ́yìn ọgbà yẹn ni."

Bàbá Olómi gbójú sókè wo òkè ilé Alágbàfọ̀. Ó pa omi náà, ó ká rọ́bà ẹ̀.

Ti Ọ̀gá Sáìtì ló le. Wọ́n fẹ́ da kọnkéré àjà kẹrin lọ́sẹ̀ yẹn, wòlé-wòlé kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba sì ń bọ̀ wá yẹ ibẹ̀ wò. Nígbà tí Ìyá Eruku sọ ohun tó rí fún un, ó ní kó ṣì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ bó ṣe wà, tí wọ́n bá da kọnkéré tán, wọ́n á tún un ṣe.

"Iná irọ́ ló ń tàn níbẹ̀, sà. Mi ò lè fi han wòlé-wòlé."

"Ṣé o mọ̀ pé tí iṣẹ́ bá dúró, orí ẹ ló máa já lé?"

Ó mọ̀. Ó ń rántí ọmọ ẹ̀ àti owó ilé. Ṣùgbọ́n oṣù ń parí lọ, Alágbàfọ̀ sì ti ń di ẹrù. Ó ní, "Sà, kí ẹ tó pinnu, ẹ bá mi gun òkè ilé kan. Kò jìnnà."

Ọ̀gá Sáìtì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbínú, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀ wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọn ò tí ì dúró dáadáa lókè tí típà kan fi gba ẹnubodè jáde láì bo ẹrù, tí àwọn lébìrà sì tún da àfọ́kù sílẹ̀. Eruku náà dé kí Ọ̀gá tó pa ẹnu dé. Ó wúkọ́ títí omi fi ń dà lójú ẹ̀. Alágbàfọ̀ gbé omi wá fún un.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ni ìyá náà wí. "Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, kí n bá yín fọ̀ ọ́. Mi ò ní gbowó. Ibi tí mo máa sá a sí ni mi ò mọ̀."

Ọ̀gá wo àyà ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó wo sáìtì tí òun fúnra ẹ̀ ń darí, ó wò ó pẹ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú, kò kàn tí ì dúró síbẹ̀ rí ni. Ó ní, "Ìyá Eruku, kí la máa ṣe?"

Ìyá Eruku gbé ẹ̀rọ kúrò láàárín àpò, ó gbé e kọ́ sí etí òkè ilé Alágbàfọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Kíá ni iná pupa tàn. Iṣẹ́ dúró, kọnkéré àjà kẹrin sún síwájú, Ọ̀gá fajú ro títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ó wá táńkà kejì. Wọ́n gé ìdí àwọn dúróòmù, wọ́n so wọ́n mọ́ra láti òkè dé ilẹ̀, inú ẹ̀ ni àfọ́kù ń gbà wọ inú àpótí irin tí wọ́n da tapólì bò. Ẹ̀rọ tó ń gé búlọ́ọ̀kù, wọ́n so omi mọ́ ọn. Wọ́n gbẹ́ kòtò omi sí ẹnubodè kí típà máa fọ ẹsẹ̀ kó tó bọ́ sí títì, omi ẹlẹ́rẹ̀ náà ń lọ sínú kòtò mìíràn kí ẹrẹ̀ inú ẹ̀ lè rọlẹ̀, kò gba gọ́tà ìlú. Jẹnẹrétọ̀ aláriwo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, níhà ọ̀dọ̀ Alágbàfọ̀, wọ́n gbé e lọ sí apá títì, wọ́n sì mọ ògiri yí i ká. Lálaalẹ́ ni Bàbá Olómi ń lọ sọ fún àwọn aládùúgbò, láti ojúlé dé ojúlé, ìgbà tí wọ́n máa fọ́ kọnkéré lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tí wòlé-wòlé dé, Ìyá Eruku sọ fún un lójú gbogbo èèyàn pé kí ó má ka iná àwọ̀ ewé àtẹ̀yìnwá sí, àwọn ò wọn eruku rárá nígbà yẹn. Wòlé-wòlé bínú, ó kìlọ̀ fún wọn gidi, ó ní òun á tún padà wá. Ṣùgbọ́n ó rìn káàkiri, ó gun òkè Alágbàfọ̀, kò sì ti sáìtì pa. Nígbà tí aṣọ tún ń dé funfun, hòtẹ́ẹ̀lì náà ní àwọn á fún ìyá náà láyè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù, afẹ́fẹ́ kan jà lójijì. Ẹ̀rọ ké lókè. Ìyá Eruku sáré jáde láti ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ẹnubodè, Bàbá Olómi ti dúró láàárín ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì, típà mẹ́ta tò síwájú ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè kọjá. Àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù ti pa ẹ̀rọ wọn. Kò sẹ́ni tó rán wọn.

Lókè, Alágbàfọ̀ yọjú sílẹ̀, aṣọ tútù wà ní èjìká ẹ̀. "Ìyá Eruku, ìgbà wo lẹ máa fọ́ kọnkéré lọ́la? Bùláńkẹ́ẹ̀tì hòtẹ́ẹ̀lì ni mo fẹ́ sá, kì í tètè gbẹ."

"Ó di ọ̀sán, mà. Tí ẹ bá sá a láàárọ̀, ó ti gbẹ kí á tó bẹ̀rẹ̀." Ìyá Eruku gbé ojú sókè, ó fẹ́ béèrè, ẹ̀rù ń bà á láti béèrè. "Ilé ẹ̀yìn ìlú yẹn ńkọ́, mà?"

"Ilé wo?" ni ìyá náà wí, ó sì ti yíjú sí okùn aṣọ ẹ̀.