Fóìsì Mẹ́tàdínlógún Láti Sefrou

Kí n tó mu tíì àárọ̀ tán lọ́jọ́ Ajé yẹn, fóìsì mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún, ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fẹnu sọ ránṣẹ́, ló ń dúró dè mí lórí Wasáàpù. Mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ṣépè bí mo ṣe ń kà wọ́n. Télọ̀ ni mí, ní àárín ìlú àtijọ́ Salé. Kàfútánì ìyàwó ni mò ń rán, ọwọ́ méjèèjì ni mo sì fi ń rán an. Ọwọ́ wo ni kí n wá fi mú fóònù?

Ẹ ó ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n máa kọ ọ́. Ta ló fẹ́ kọ ọ́? Èdè tá à ń sọ nílé kọ́ ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé, nítorí náà ẹnu yá àwọn èèyàn wa ju ọwọ́ lọ. Oníbàárà tó kàn fẹ́ kí n dín apá aṣọ òun kù ní ìka méjì yóò kọ́kọ́ kí mi. Yóò béèrè orúnkún ìyá mi, yóò ṣàdúrà fún gbogbo òkú ilé wa, yóò bú ooru, yóò dá ọ̀rọ̀ dúró kó lè jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó dárúkọ apá aṣọ. Ó di ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí mo bá fo ìbẹ̀rẹ̀ tí mo fo ìparí, àárín gan-an ni ọ̀rọ̀ máa ń sá pamọ́ sí.

Mo ti gbìyànjú kí n jẹ́ kó sáré ní ìlọ́po méjì. Àdúrà di igbe adìyẹ. Fóònù mi tuntun ní nǹkan kan tó máa ń sọ ohùn di ìwé, ṣùgbọ́n Lárúbáwá àwọn oníròyìn ló gbọ́, kò gbọ́ tiwa. Oníbàárà kan sọ̀rọ̀ ìgbátí aṣọ, fóònù kọ ọ́ pé mínísítà wọ ọkọ̀ ojú omi. Títan fóìsì sókè ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Mo ti kọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ kan mo tẹ ti ẹ̀gbọ́n mi, ohùn rẹ̀ sì jáde gbàgà: "Ṣé ìyàwó Driss oníbàtà, oníwàhálà yẹn, ṣì ń dà ọ́ láàmú?" Ìyàwó Driss ló jókòó níwájú mi. Kò padà wá mọ́ títí dòní.

Ohun tó wá tì mí sínú ẹ̀ṣẹ̀ ni àmì gbohùngbohùn kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóìsì. Bí o kò bá tíì tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ eérú ni ẹni tó fi ránṣẹ́ máa rí. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á di búlúù. Mo ti pa àmì tó ń tú àṣírí pé mo ti ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ, ṣùgbọ́n ti fóìsì kò ṣeé pa. Bí kò bá sì tíì di búlúù, wọ́n á tún fi fóìsì mìíràn ránṣẹ́ láti béèrè bóyá mo ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ó sú mi. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gbọ́n láti ọdún tó kọjá. Màá tẹ fóìsì àkọ́kọ́ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́, màá pa ohùn fóònù pátápátá, màá tì í bọ abẹ́ òkìtì àkísà, màá sì padà sídìí abẹ́rẹ́ mi. Fóìsì tó bá tẹ̀ léra máa ń lọ fúnra wọn ni: bí ọ̀kan bá parí, ìkejì á bẹ̀rẹ̀. Kí n tó rán apá aṣọ kan tán, gbogbo rẹ̀ á ti di búlúù, ara á sì tù mí.

Hafida, tá a jọ ń ránṣọ, wò mí bí ẹni ń wo olè.

"Batoul, àkísà lo wá ń jẹ́ kó máa bá ọ gbọ́ ọ̀rọ̀?"

"Ó ní sùúrù jù mí lọ."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ tí àkísà bá fẹ́ fèsì, jọ̀ọ́ pè mí, mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀."

Nínú gbogbo àwọn tó ń fi fóìsì ránṣẹ́ sí mi, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ tó Lalla Tamou. Arúgbó ni, Sefrou ló ń gbé, òwú ṣẹ́dà àti abẹ́rẹ́ ló fi ń fọwọ́ hun bọ́tìnì kàfútánì. Kò mọ ìwé kà. Ọdún mẹ́rìnlá la ti jọ ń ṣiṣẹ́, n kò sì rí bọ́tìnì tó dúró dáadáa bíi tirẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé fóònù, adìyẹ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, òrùlé rẹ̀ tó ń jò, gbogbo wọn ni wọ́n ní ìtàn.

Oṣù tó ṣáájú ni oníbàárà mi kan, Hajja Ghita, kó aṣọ ìyá rẹ̀ tó ti di olóògbé wá fún mi, ṣẹ́dà àtijọ́ láti Fez, tí wọn kì í hun mọ́. Òun ni mo fi ń rán kàfútánì tí Chaimae ọmọ rẹ̀ yóò wọ̀ níbi ìdána rẹ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọgọ́rin bọ́tìnì ló gbọ́dọ̀ tò láti ọrùn dé ilẹ̀, kí gbogbo wọn jẹ́ àwọ̀ ewé kan náà tó bá ìgbátí aṣọ mu. Mo fi òwú ránṣẹ́ sí Lalla Tamou. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, fóìsì mẹ́tàdínlógún ló wọlé láti Sefrou. Gbogbo wọn ni mo kì bọ abẹ́ àkísà.

Ní ọjọ́bọ̀, mọ́tò gbé ẹrù náà dé. Hajja Ghita wá wo aṣọ lọ́jọ́ náà, ojú rẹ̀ ni mo sì ṣe tú ẹrù náà. Bọ́tìnì méjìlélógójì jẹ́ àwọ̀ ewé tiwa. Méjìdínlógójì tó kù jẹ́ àwọ̀ ólífì, ewé tó ṣókùnkùn.

"Batoul, kí lèyí?" Hajja Ghita di etí tábìlì mú. "Aṣọ ìyá mi lo fẹ́ fi dánrawò?"

Mo pe Sefrou lójú ẹsẹ̀, mo sì gbé ohùn rẹ̀ síta, kí Hajja lè fetí ara rẹ̀ gbọ́ pé ẹ̀bi mi kọ́. Lalla Tamou gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. N kò jẹ́ kó parí.

"Lalla Tamou, àwọ̀ méjì lẹ fi ránṣẹ́ sí mi! Ṣé ojú yín ò ríran mọ́ ni?"

"Ọmọ mi, mo sọ fún ọ."

"Ẹ sọ kí ni?"

"Mo sọ ọ́ nínú fóìsì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Aládùúgbò mi bá mi wò ó, ó ní gbogbo ẹ̀ ti di búlúù. Mo ní bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kó o sọ. O ò sọ nǹkan kan."

Hajja Ghita ń wo ẹnu mi. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "N kò gbọ́ nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu yín. Ẹ ti darúgbó, Lalla Tamou, ẹ ti gbàgbé ni." Mo sì pa fóònù.

"Ọjọ́ ogbó," ni Hajja Ghita wí, ó mi orí. Èmi náà mi orí. Ó kìlọ̀ fún mi pé òun ń bọ̀ wá gbé aṣọ ní Sátidé, ó sì lọ.

Hafida kò gbé ojú kúrò lórí ohun tó ń rán. "Bi àkísà léèrè," ló wí.

Mo bú u. Lẹ́yìn náà mo fi ohun ìgbọ́hùn fóònù sí etí, mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn tó gun òrùlé, mo sì gbọ́ fóìsì mẹ́tàdínlógún náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìjẹ́ kí wọ́n sáré. Ó gbà mí ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Nínú ìkẹsàn-án, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ adìyẹ, kí àdúrà tó dé, ó ní òwú ń tán lọ, irú rẹ̀ kò sì sí ní Sefrou. Nínú ìkejìlá, ó ní bí òwú bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi kí n fi sínú mọ́tò ọjọ́ Ajé. Ó ṣẹ́ kù! Odindi ìdì òwú mẹ́ta ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Nínú ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ó ní òun kò fẹ́ràn ólífì yìí, ṣùgbọ́n nígbà tó ti di búlúù tí n kò sì kọ̀, a jẹ́ pé mo fọwọ́ sí i.

Èyí tó gbẹ̀yìn ló gún mi lọ́kàn. "Má yọ ara rẹ lẹ́nu láti dáhùn, Batoul," ló wí. "Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ dí. Àwọn ọmọ mi tó wà ní Belgium kì í gbọ́ tèmi dé ìdí, wọ́n ní ó ti gùn jù. Ìwọ nìkan lo máa ń gbọ́ gbogbo ẹ̀."

Inú bí mi. Inú bí mi sí fóònù, ó bí mi sí Lalla Tamou pẹ̀lú: ọ̀rọ̀ tó tóbi tó báyẹn, kí ló dé tí kò pè mí? Àmọ́ èmi ni mo jẹ́ kó dá a lójú pé kò sídìí láti pè. Ojú tì mí.

Nígbà tí mo dìde, Hajja Ghita ni mo kọ́kọ́ pè. Mo ní màmá yẹn kò jẹ̀bi, èmi ni n kò gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní ìyẹn kò kan òun, aṣọ lòun fẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo pe Sefrou.

"Lalla Tamou, ẹ forí jì mí. Irọ́ ni mo pa. Òótọ́ ni pé ẹ sọ fún mi. Mo kàn máa ń tẹ fóìsì yín ni, mo máa ń fi fóònù sílẹ̀ kó máa lọ. N kì í gbọ́ ọ."

"Mẹ́tàdínlógún náà?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Àwọn ti ọdún tó kọjá ńkọ́?"

"Àwọn náà."

"Nígbà tí àbúrò mi kú," ló wí, "tí mo ń sọ fún ọ bá a ṣe sin ín."

"N kò gbọ́ ọ, Màmá."

Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fọhùn, iṣẹ́ ló sọ. "Fi òwú náà sínú mọ́tò ìrọ̀lẹ́ yìí. Mo máa ké sí àwọn obìnrin àdúgbò kí wọ́n wá ràn mí lọ́wọ́."

Òwúrọ̀ Sátidé ni bọ́tìnì náà dé, méjìdínlógójì, àwọ̀ ewé tiwa gan-an. Èmi àti Hafida pín in, a sì rán wọ́n mọ́ aṣọ kó tó di ọ̀sán. Chaimae wọ̀ ọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá rẹ̀ sì bú sẹ́kún nígbà tó rí aṣọ ìyá tirẹ̀ lọ́rùn ọmọ. Wọ́n yin ọwọ́ mi. Mo ní ọwọ́ Lalla Tamou ni, ṣùgbọ́n wọn kò tẹ́tí.

Bí wọ́n ṣe jáde ni mo pè é. Mo dúpẹ́, mo tún tọrọ àforíjì. Ó ní Ọlọ́run á dárí jì wá lápapọ̀. Ó béèrè bí aṣọ náà ṣe rí, mo sì sọ fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, Lalla Tamou," mo ní, "ẹ máa fi fóìsì yín ránṣẹ́. Bó ti wù kó gùn tó, màá gbọ́ ọ."

"Rárá, ọmọ mi," ló wí, ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá wà, màá pè ọ́. Bó ò bá gbé e, èmi náà á mọ̀ pé o ò gbọ́."

Ó ní kí n kí ìyá mi, ó sì pa fóònù.